Ojú Ọkùnrin Tí Mo Ti Gbàgbé: Wíwo Odidi Sáà Lẹ́ẹ̀kan Náà àti Ohun Tó Ń Fi Ìrántí Wa Ṣe

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ jọ̀wọ́, ní ọdún 2021 mo wo sáà kìíní Squid Game, eré Korea orí Netflix níbi tí àwọn onígbèsè ti ń fi ẹ̀mí wọn ta ayò nítorí owó, tán ní òru méjì. Nígbà tí sáà kejì dé ní ìparí ọdún 2024, wọ́n gbé kámẹ́rà sí ojú ọkùnrin kan ní òpin ìpín kẹta. Ọmọ mi pariwo, èmi sì ń bèèrè pé, "Ta nìyí?" Mo ti wo ìránnilétí tí wọ́n fi síbẹ̀rẹ̀, kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ṣé ọpọlọ mi ló ń gbó ni, àbí bí wọ́n ṣe ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló fà á?

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Iṣẹ́ gígé fíìmù ni mo ń ṣe, nítorí náà ibi tí ìtàn ti ń já ni mo fi ń jẹun. Ọpọlọ yín kò gbó rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ ní kí orí yín gbé. Ní sáà kìíní, ọkùnrin yẹn ni olórí àwọn tó ń darí ayò náà, ìbòjú ló sì fi ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpín kẹjọ ló tó ṣí i, lórí àpáta tó wà létí òkun, nígbà tó fẹ́ yìnbọn fún Jun-ho, ọlọ́pàá tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú náà fi wà níta. Òru kejì ni ẹ wà nígbà náà, oorun ti ń kùn yín, ẹ sì ti gbé ìpín méje mì láìsinmi. Bí ọlọ́pàá náà ṣe já sínú òkun tán, kò pẹ́ tí ìpín kẹsàn-án fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ọkàn yín sì sáré lọ sọ́dọ̀ Gi-hun, olú ẹ̀dá ìtàn náà, àti eré tó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí sáà kìíní jáde, di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2024 tí èkejì dé, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta ló wà láàárín.

Ká ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi í hàn, ọjọ́ méje gbáko ni ẹ ó fi jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́yìn ìpín kẹjọ: ṣé ọlọ́pàá yẹn kú, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yìnbọn fún un? Ẹ ó bá ẹnì kan sọ ọ́ lọ́jà. Ẹ ó tún rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ aṣọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pe ojú yẹn padà wá sọ́kàn láìsí tẹlifíṣọ̀n níwájú yín ni ẹ̀ ń kàn án mọ́lẹ̀ sí i. Àwòmọ́jú kò fún yín láyè láti pè é padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọjọ́ orí ló ń fà á, àwọn mìíràn ní fóònù ló ti ba làákàyè wa jẹ́, àwọn kan sì ní ìtàn tó bá dára kò ṣe é gbàgbé. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ogún ọdún tó bá wò ó ní òru kan náà pẹ̀lú yín lè gbàgbé bákan náà. Ẹ bi ọmọ yín bóyá kò tún sáà kìíní wò kí èkejì tó jáde.

* * *

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Mo bi í. Ó tún un wò ní oṣù kọkànlá, kò sì sọ fún mi.

* * *

Tísà Àgbà, Ìgbọ̀nà

Mo fẹ́ tako Agéfíìmù díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èmi gbàgbọ́ pé ẹni tó bá wo ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà ló ń rántí rẹ̀ jù. Nígbà tí mo ń wo eré alápá mẹ́jọ kan ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, mo rí i pé òrùka tí ọmọdébìnrin kan bọ́ sílẹ̀ ní ìpín kìíní ni wọ́n rí ní ọwọ́ adájọ́ ní ìpín keje. Ìyàwó mi tó ń wò ó díẹ̀díẹ̀ kò rí i, èmi ni mo fi hàn án. Ọ̀rọ̀ inú ìtàn máa ń so mọ́ra nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbóná nínú orí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá wà láàárín òrùka àti ọwọ́, ta ni yóò so wọ́n pọ̀?

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Tísà, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ìwádìí kan wà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Melbourne, ní ilẹ̀ Australia, gbé jáde ní ọdún 2017. Eré alápá mẹ́fà kan tí àwọn BBC ṣe, The Game, ni wọ́n lò. Àwọn kan wo gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan, àwọn kan wo ìpín kan lójúmọ́, àwọn kan sì wo ìpín kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi gbogbo wọn ní ìbéèrè lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà: ní ọjọ́ kejì tí wọ́n parí rẹ̀, ní ọjọ́ keje, àti ní ogóje ọjọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan náà ló mọ̀ ọ́n jù. Òrùka yín àti ọwọ́ adájọ́ nìyẹn, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ogóje ọjọ́, tí í ṣe bí oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀, àwọn yẹn ni ìrántí wọn ti jò jù, àwọn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọn kò tayọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sì ni tiwọn dúró jù. Àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan náà tún sọ pé àwọn kò gbádùn rẹ̀ tó bí àwọn yòókù ṣe gbádùn rẹ̀.

Eré kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àwọn tó wò ó, nítorí náà mi ò ní fi í búra lórí gbogbo eré ayé. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ mu. Ohun tó ń so mọ́ra nínú ìtàn yàtọ̀ sí ohun tó ń dúró pẹ́ nínú orí. Ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan náà ń rí ìso náà kedere, lẹ́yìn náà ni okùn náà ń tú. Bí sáà kejì bá máa dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin ni ẹ ó jàre. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ kó tó dé.

* * *

Ọmọ Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Dátà ni. Bí mo bá ra dátà òru, mo ní láti gba gbogbo ìpín sórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, bí iná bá sì dé, mo ní láti wò ó kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí fíìmù pẹ́ lórí fóònù rẹ̀, kó yan ìwọ̀n àwòrán tó kéré, kò ní gba àyè púpọ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́, mo lè kọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

* * *

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ọmọ mi, ìrántí inú orí mi ni mo ń bèèrè, kì í ṣe ti inú fóònù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé nítorí iná ni èmi náà fi wò ó ní òru méjì. Wọ́n mú iná wá ní ọjọ́ Ẹtì, mo mọ̀ pé bí mi ò bá lò ó, yóò lọ.

* * *

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì

Èmi tà fíìmù ní Ọjà Ọba fún ọdún mọ́kàndínlógún, láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ńlá dé ìgbà àwo pẹlẹbẹ. Ohun tí ẹ ń pè ní tuntun yìí, àwa ti rí òdìkejì rẹ̀ tipẹ́. Bí apá kìíní bá parí, wọn kì í parí ìjà. Ọ̀bẹ á wà lókè, ìyá á ti lanu, wọn á kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé apá kejì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ra apá kìíní lọ́wọ́ mi ti dé, ó fẹ́ apá kejì, mi ò sì ní in. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn ni wọ́n á máa bá mi sọ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ń kọjá. Obìnrin aláṣọ kan a máa dúró ní iwájú ìsọ̀ mi, á ní, "Bàbá, mo rò ó títí, ọkọ ẹ̀ kọ́ ló fi májèlé sí i, ìyá ọkọ ni." Nígbà tí apá kejì bá sì dé, kò sí ẹni tó ń wá ìránnilétí. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀bẹ wà.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di apá kìíní àti ìkejì papọ̀ sínú páálí kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yẹn dáwọ́ dúró níwájú ìsọ̀ mi. Wọ́n á rà á, wọ́n á lọ, wọ́n á padà wá ra òmíràn.

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Bàbá, ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ sì fi ojú rí i ju èmi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi kún un, nítorí ọdún kejì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

Ẹnì kan gbé eré alápá mẹ́jọ wá fún mi láti gé. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé ìpín kan ni yóò máa jáde lọ́sẹ̀, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gé e bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ méje wà láàárín. Mo ní òfin kan tí mo máa ń lò: òpin ìpín gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí aládùúgbò lè sọ fún aládùúgbò ní gbólóhùn kan. "Ìyàwó kékeré ti rí ìwé ilẹ̀ náà, ó sì ti gbé e pamọ́ sínú agolo gààrì." Ìyẹn ni òpin ìpín kìíní. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kejì, àárín rẹ̀ ló wà, nítorí ẹni tó ti dúró fún ọjọ́ méje kò ní sá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo wá ṣe ìránnilétí sí iwájú ìpín kejì títí dé ìkẹjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Mo fi agolo gààrì yẹn sí inú mẹ́rin nínú wọn: ọwọ́ obìnrin náà tó ń ri ìwé sínú gààrì, gààrì tó ń ya bo ó, ìdérí tó ń padà sórí agolo. Mo ṣe é tinútinú, nítorí agolo yẹn ni gbogbo sáà kejì máa dúró lé lórí, wọn kò sì ṣí i títí sáà kìíní fi parí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó jáde ni ẹni tó ni eré náà yí ọkàn padà. Ó ní ọdún Iléyá ń bọ̀, àwọn ènìyàn yóò wà nílé, kí á da gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àyè láti tún un gé. Ó jáde bẹ́ẹ̀, ẹ̀dùn sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wò ó ní ọjọ́ kan kọ̀wé pé agolo gààrì ti sú àwọn, pé ṣé a rò pé òmùgọ̀ ni àwọn ni. Wọ́n jàre. Ohun tí mo ṣe fún ẹni tó ti jìnnà sí ìtàn fún ọjọ́ méje, ẹni tó rí i ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn ni mo fi fún. Ní ọjọ́ kẹta, a yọ gbogbo ìránnilétí kúrò.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni sáà kejì tó ṣe tán. Kó tó jáde, mo fi ìpín kìíní rẹ̀ han àwọn mẹ́fà kan nínú ìsọ̀ mi níbí, gbogbo wọn ló ti wo sáà kìíní. Nínú ìpín náà, ìyá àgbà kan na ọwọ́ sí agolo láti bu gààrì fún àlejò. Mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kò sí ìlù, kò sí orin, nítorí mo rò pé ẹ̀rù yóò ba gbogbo ẹni tó ń wò ó. Mo wo ojú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ọwọ́ sẹ́nu. Àwọn márùn-ún yòókù ń wo obìnrin kan tó ń bu gààrì. Nígbà tí mo bèèrè, ẹni tó gbé ọwọ́ sẹ́nu yẹn ní fóònù òun bàjẹ́ ní ọdún Iléyá, nítorí náà lọ́dọ̀ àbúrò òun ni òun ti ń wò ó, ìpín kan ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Mi ò sọ pé mẹ́fà tó láti fi ṣe ìwádìí. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

* * *

Àdùkẹ́ Onírun

Èmi rò pé ẹ̀yin ẹlẹ́fíìmù ló lẹ́bi, kì í ṣe àwa tó ń wò ó. Bí ìránnilétí bá tó, kí ló dé tí wọ́n tún ń fi "Skip Recap" sójú rẹ̀? Wọ́n ń sọ fún wa pé a kò nílò rẹ̀. Nínú ìsọ̀ mi, ìpín kan lójúmọ́ ni a máa ń wò, nítorí oníbàárà á ti dìde kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kejì ni mo máa ń sọ ti àná fún bí mo bá ń ya irun rẹ̀. Mi ò gbàgbé ohunkóhun nínú eré tí mo bá ti sọ fún ènìyàn mẹ́ta. Èyí tí mo wò nílé ní èmi nìkan, kò pẹ́ kó tó pòórá.

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Ìdáhùn sí ìbéèrè Ìyá Ìbejì gan-an nìyẹn, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń sọ ìtàn fún ẹlòmíràn ni ó ń fà á jáde láti inú orí ara rẹ̀, ìfàjáde yẹn ló ń mú un dúró. Wíwò nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti "Skip Recap," ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìránnilétí, nítorí ó ṣeé ṣe kí inú bí yín sí i. Kì í ṣe àkópọ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ìpín tuntun ni a máa ń kọ́kọ́ gé tán. Lẹ́yìn náà ni a ó bèèrè pé, kí ni ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí èyí tó yé e? Kìkì ìyẹn ni a ó lọ mú wá láti ẹ̀yìn. A máa ń wá ibi tí ẹnì kan ti dárúkọ ẹlòmíràn tí ojú ẹni náà sì wà níta, nítorí ojú láìsí orúkọ kì í pẹ́ lọ́kàn. Nítorí náà, bí ẹnì kan tó ti sọnù láti ìpín kejì bá yọjú nínú ìránnilétí ìpín kẹfà, ẹ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìránnilétí ti tú àṣírí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ìyọnu tó wà nínú ìpín kẹta sáà kejì tí Ìyá Ìbejì bèèrè. Àwọn tó wà nínú eré náà ń dìbò bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n máa lọ sílé. Ìbò dọ́gba. Ẹni tó kẹ́yìn, nọ́ńbà 001, jáde síta, ó tẹ bọ́tìnnì pé kí eré tẹ̀ síwájú, ó yíjú padà, ìpín sì parí. Fún ẹni tó rántí ojú yẹn, ọ̀tá ti wọlé láàárín wọn, Gi-hun kò sì mọ̀. Fún ẹni tó ti gbàgbé, ọkùnrin kan dìbò. Bí ẹni tó ń gé e bá fi ojú yẹn ṣe ìránnilétí tó lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kẹta, yóò bà á jẹ́ fún gbogbo ẹni tó rántí. Bí kò bá fi í síbẹ̀, àwọn bíi Ìyá Ìbejì yóò pàdánù rẹ̀. Mo ti ronú lé e, mi ò rí ọ̀nà tí èèyàn lè fi tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

* * *

Tísà Àgbà, Ìgbọ̀nà

Ẹ rán mi létí Sẹ̀gilọlá. Láti ọdún 1929 wọ inú ọdún 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin náà jáde nínú ìwé ìròyìn Akédé Èkó, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn òǹkàwé sì gbà pé ènìyàn gidi ló ń kọ ọ́ láti orí àkéte àìsàn. Ní ọdún 1930 yẹn kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ìtàn kan náà, àmọ́ ẹni tó ra ìwé lè kà á tán ní ọjọ́ méjì, ẹni tó ń ra ìwé ìròyìn sì ti bá obìnrin náà gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé náà fún ọdún pípẹ́, odidi ìwé ni mo sì máa ń fún wọn kà ní ìsinmi. Wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ àwọn ọkọ rẹ̀ kí a tó wọlé. Bóyá kí n máa fún wọn ní lẹ́tà kan lọ́sẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò tíì gbà tán. Ìwé tí mo kà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ṣì mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Ìgbà mélòó ni ẹ ti tún un kà láti ìgbà náà, sà?

* * *

Tísà Àgbà, Ìgbọ̀nà

Ìgbà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí n tó tún un kà ni mo ti mọ̀ ọ́n.

* * *

Ọmọ Ọ̀ṣun

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ báyìí, ẹ má bínú pé mo ṣi ìbéèrè gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń yìn yìí, ìyà ni fún àwa tí a ń san owó lóṣooṣù. Ìpín mẹ́jọ lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, oṣù méjì ni mo máa san dípò oṣù kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí sáà kejì eré The Boys jáde, ìpín mẹ́ta ni wọ́n fi síta lọ́jọ́ kìíní, wọ́n sì ní ìyókù di ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tó jẹ́ pé odidi ni wọ́n gbé sáà kìíní jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Èmi náà bínú. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó díẹ̀díẹ̀, kó wò ó díẹ̀díẹ̀. Kí ni wọ́n ń há a mọ́wọ́ sí?

* * *

Agéfíìmù, Àlékùwódò

Ọ̀rọ̀ owó tí o sọ tọ̀nà, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n "kó wò ó díẹ̀díẹ̀" ṣòro ju bí o ṣe sọ ọ́ lọ, nítorí àwa tí à ń gé e ti yí òpin padà sí ọ lára.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2013 ni Netflix da gbogbo ìpín mẹ́tàlá sáà kìíní eré House of Cards sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí irú ìgbéjáde bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ ni iṣẹ́ tí òpin ìpín ń ṣe ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, òpin ìpín gbọ́dọ̀ gbé ẹni tó ń wò ó fún ọjọ́ méje. Báyìí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ní láti gbé e, títí ìpín tó kàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, a kì í fi ìbéèrè ńlá parí ìpín mọ́ ní gbogbo ìgbà. Àárín ìṣẹ̀lẹ̀ ni a ń gé e sí: ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ẹni inú ilé ṣí i, ojú rẹ̀ yí padà, ó parí. Bí ìkejì bá bẹ̀rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú méjì a ti rí i pé ìyá rẹ̀ ló wá kí i. Ìbéèrè yẹn kò tó ohun tí a lè fi bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Ìbéèrè ńlá, èyí tó ń pẹ́, ni a wá kó lọ sí òpin sáà, níbi tó ti ń dúró fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ju bí orí ènìyàn ṣe lè gbé e lọ. Ẹ wo sáà kejì Squid Game tí à ń sọ yìí kan náà: wọ́n gé e sí àárín ìtàn, wọ́n sì gbé sáà kẹta jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ló kùn pé wọ́n gé e sí méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ta ni ẹ gbọ́ tó ń bèèrè pé "ta nìyí?"

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn mi nìyí, bí wọ́n bá fẹ́ wò ó díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dúró ní òpin ìpín. Ibẹ̀ ni a ti fi okùn sílẹ̀ dè yín. Ẹ jẹ́ kí ìpín tó kàn bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó títí wọn yóò fi yanjú ohun tí wọ́n fi gé e, tí ìtàn náà bá ti mí, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá pa á níbẹ̀. Oorun á wá. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan án, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ibi tí ẹ dé, kí ẹ dárúkọ wọn. Ẹni tí ẹ kò bá rántí orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ padà lọ wò.

Bí sáà tuntun bá sì dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìránnilétí ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi síwájú rẹ̀. Ìpín méjì tó kẹ́yìn nínú sáà àtijọ́ ni kí ẹ tún wò. Nínú ọ̀rọ̀ yín, Ìyá Ìbejì, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ni, ojú náà sì wà nínú ìkẹjọ.

* * *

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì

Tí ènìyàn bá tún un wò, ṣé ó ṣì lè dùn bíi ti àkọ́kọ́? Obìnrin aláṣọ yẹn kò jẹ́ tún apá kìíní wò láé. Ó ní yóò ba ọ̀rọ̀ tí òun ti rò nípa rẹ̀ jẹ́.

* * *

Àdùkẹ́ Onírun

Bàbá, ṣé ìyá ọkọ ló fi májèlé sí i lóòótọ́?

* * *

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì

Ọkọ ni. Obìnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

* * *

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Mo wo ìpín kẹjọ ní àná, èmi àti àwọn ìbejì. Nígbà tí ó ṣí ìbòjú náà, mo dá a dúró, mo sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mi ò rí rárá ní ọdún 2021 ni pé kí ó tó yìnbọn, ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí ó bá òun lọ. Mo ti rò pé ó kàn yọjú, ó sì yìnbọn ni. Kẹ́hìndé ní òun rántí bẹ́ẹ̀ gan-an bíi tèmi, Táíwò sì ní òun mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì jọ wò ó ní òru kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Agéfíìmù, èyí kò yé mi.